Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní Ẹ̀rẹ̀jà: ká ra díndín, ká ra yíyan, àbí ká gbé e wá látilé?

Ọ́fíìsì wa ní Iléṣà kò jìnnà sí Ẹ̀rẹ̀jà. Tó bá ti di aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán, òórùn òróró á ti máa gba ojú fèrèsé wọlé, kò sì ní pẹ́ tí ẹnìkan á fi máa gbé bébà kiri láti tábìlì dé tábìlì: "Ta ló fẹ́ kí ni?" Pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù, bọ́ọ̀nsì, ẹ́ẹ̀gì-róòlù, ìpékeré, mínírà tútù mẹ́ta. Ọdún mẹ́rin ni orúkọ mi fi wà lórí bébà yẹn lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ìmọ̀ oúnjẹ ni mo kà nílé ẹ̀kọ́. Ìmọ̀ lọ́tọ̀, ọ̀nà ọ̀fun lọ́tọ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo ti dán wò látìgbà tí mo ti fẹ́ já ara mi gbà. Èkíní ni kéèyàn má kúrò lọ́dọ̀ oní-nǹkan-díndín, ṣùgbọ́n kó mọ èyí tó máa mú níbẹ̀. Èkejì ni kó gba iwájú rẹ̀ kọjá, kó ra ohun tí wọ́n yan tàbí tí wọ́n sè lójú títì kan náà. Ẹ̀kẹta ni kó gbé tirẹ̀ wá látilé. Mi ò ní fi ìdáhùn pamọ́ dé ìsàlẹ̀: ọ̀nà kejì ni mo rí pé ó ń bá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì dé ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀kẹta ló dára jù lẹ́nu, òun náà ló sì ń tètè já.

Ohun tí a fi ń díwọ̀n wọn

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi dídùn sílẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ń bi ìpápánu ìrọ̀lẹ́: ṣé ó lè gbé mi dé oúnjẹ alẹ́? Ẹni tó jẹ ẹ́ ní aago mẹ́rin, tó máa délé ní aago mẹ́fà, tí ọbẹ̀ ò sì ní gbóná títí aago méje ààbọ̀, wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ ló ń wá. Oúnjẹ tí ìyẹ̀fun funfun àti ṣúgà bá pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń dà kíákíá. Ara á yá gágá fún ìwọ̀nba àkókò, lẹ́yìn náà oorun á gbé ojú, ebi á sì tún padà dé. Ohun tó ń pẹ́ nínú ni púrótéènì, ìyẹn èròjà tí ń kọ́ ara, tó wà nínú ẹ̀wà, ẹyin àti ẹ̀pà, pẹ̀lú àwọn fọ́nrán inú èso àti ẹ̀wà tí ikùn kì í lè dà.

Ẹ̀gbọ́n wa kan wà ní ẹ̀ka ìṣirò owó. Pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù márùn-ún àti mínírà ìgò sẹ́ńtílítà 50 ni tiwọn, ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀. Mo gbé pọ́ọ̀fù wọn sórí ìwọ̀n kékeré tí mo fi ń wọn ìyẹ̀fun nílé: ọ̀kọ̀ọ̀kan súnmọ́ giráàmù 40. Márùn-ún jẹ́ giráàmù 200, èyí tó tó nǹkan bíi kálórì 700. Ara ìgò mínírà náà kọ ọ́ pé giráàmù ṣúgà 10 ló wà nínú mílílítà 100. Ìgò kan wá jẹ́ giráàmù 50, ó lé ní ṣíbí tíì méjìlá, kálórì rẹ̀ sì jẹ́ 200. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 900. Ẹni tó ń jókòó ṣiṣẹ́ látàárọ̀, tí ara rẹ̀ ò nílò ju bíi 2,000 lọ lóòjọ́, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ìdajì rẹ̀ kí ó tó kan oúnjẹ alẹ́. Èyí tó ya ẹ̀gbọ́n lẹ́nu ni pé ebi ṣì máa ń pa wọ́n ní aago mẹ́fà nínú mọ́tò.

Mo wá to àwọn nǹkan tó wà nítòsí wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àwọn iye yìí kò pé géérégé, torí ọwọ́ alásè kan kò jọ ti ìkejì.

| Ohun tí a rà | Kálórì (nǹkan bí) | Púrótéènì (giráàmù, nǹkan bí) |
|---|---|---|
| Pọ́ọ̀fù márùn-ún àti mínírà kan | 900 | 12 |
| Ìpékeré ọ̀rá kékeré (giráàmù 50) | 260 | 1 |
| Àkàrà kéékèèké márùn-ún | 300 | 11 |
| Bọ̀ọ̀lì kan àti ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà | 400 | 9 |
| Ẹyin bíbọ̀ méjì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan | 250 | 13 |
| Mọ́ínmọ́ín ewé kan | 230 | 13 |

Ẹ wo ìlà kìíní àti ìlà karùn-ún dáadáa. Púrótéènì wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣùgbọ́n kálórì èkíní ju ìlọ́po mẹ́ta ti ìkejì lọ. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nípa pọ́ọ̀fù nìyẹn. Kì í ṣe májèlé, ó kàn ń gba owó púpọ̀ lọ́wọ́ ara ni, kó tó fún un ní díẹ̀.

Bí ẹ bá dúró lọ́dọ̀ ìyá oní-díndín

Ó yẹ kéèyàn mọ bí òróró ṣe ń wọ inú nǹkan díndín, torí ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà láàárín ìyá kan àti ìkejì. Nígbà tí ìyẹ̀fun pípò bá bọ́ sínú òróró gbígbóná, omi inú rẹ̀ á di ooru, á sì máa tú síta. Ìhó wẹ́wẹ́ tí ẹ ń rí yí i ká nìyẹn. Níwọ̀n ìgbà tí ooru yẹn bá ṣì ń tì jáde, òróró kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọlé. Bí òróró kò bá gbóná tó, pọ́ọ̀fù á pẹ́ nínú rẹ̀ kó tó pọ́n, á sì mu ún bíi kànìnkànìn. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ọ́ jáde, tó ń tutù lọ, ni èyí tó pọ̀ jù nínú òróró ara rẹ̀ ń fà wọ inú. Nítorí náà ìyá tó ń yọ tirẹ̀ sínú asẹ́, tó ń gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì kó tó dà á sínú gíláàsì, sàn ju ẹni tó ń kó o jọ sínú abọ́ tí òróró ti dúró sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó yọ owó. Nígbà tó bá ju ìyẹ̀fun sí i, ó yẹ kó léfòó kíákíá kó sì máa hó wẹ́wẹ́. Tó bá rì, tó sì jókòó sísàlẹ̀, òróró kò tíì gbóná. Bí òróró náà bá ti dúdú bíi kọfí, tó ń yọ èéfín kó tó gbóná dáadáa, tí ìfófòó rẹ̀ kò lọ bọ̀rọ̀ lójú agbada, tí òórùn rẹ̀ sì ń ta ọ̀fun, ó ti pẹ́ lórí iná. Òróró tí wọ́n ti ń lò ní àlòtúnlò ti bàjẹ́ nínú ara rẹ̀, kódà bí wọ́n bá da tuntun lé e lórí. Ẹ kàn kí ìyá náà, kí ẹ máa lọ. Lára àwọn tí mò ń rà lọ́wọ́ wọn, ìyá alákàrà òwúrọ̀ ló sábà máa ń ní òróró tó mọ́ jù. Èyí tó ń dín títí di aago méje alẹ́ ni kí ẹ máa ṣọ́.

Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ náà lẹ máa rà, àkàrà ni kí ẹ mú. Ẹ̀wà ni, bó tilẹ̀ mu òróró, púrótéènì àti fọ́nrán wà nínú rẹ̀. Dùndún náà kò burú tó ìpékeré. Ìpékeré ń tan ènìyàn jẹ, torí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, ó sì fúyẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣe gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ni òróró ṣe ń rí ibi wọ̀ tó, iwájú àti ẹ̀yìn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta ìwọ̀n rẹ̀ tó jẹ́ òróró. Kéèyàn sì fi mínírà sílẹ̀, kó mu omi. Bí ẹ ò bá yí nǹkan mìíràn padà nínú ayé yín, èyí nìkan ti yọ ṣíbí ṣúgà méjìlá kúrò.

Àléébù ọ̀nà yìí kò ju pé ojú ń wọ̀ ọ́. Mo lọ lọ́jọ́ kan, mo ní, "Ìyá, ẹ bá mi fi àkàrà mẹ́ta síi." Wọ́n gbójú sókè: "Mẹ́ta kẹ̀? Ọmọ mi, ṣé ara rẹ ò yá ni?" Wọ́n fi pọ́ọ̀fù méjì ṣe ènì. Mo jẹ ẹ́.

Bí ẹ bá ra yíyan àti sísè

Oníbọ̀ọ̀lì kì í jìnnà sí oní-díndín. Àwọn méjèèjì jọ ń pín oníbàárà ni. Bọ̀ọ̀lì kan tó mọ níwọ̀n tó giráàmù 150 lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bó o. Ẹ béèrè èyí tí kò pọ́n jù. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n rọ̀ ti yí èyí tó pọ̀ nínú ara rẹ̀ padà sí ṣúgà, ó ń dùn, ó sì ń tètè dà. Èyí tó ṣì le díẹ̀ ń pẹ́ nínú. Ẹ sọ fún un pé kó fi ọ̀bẹ họ ibi tó jóná dúdú dànù, kó má sì fi epo pa á lára.

Bọ̀ọ̀lì nìkan kò tó, ẹ̀pà ló ń gbé e ró. Ibẹ̀ sì ni mo ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń ṣubú láìmọ̀. Ẹ̀pà tí wọ́n fi yanrìn yan kò ní òróró àfikún, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ti kún fún òróró. Agolo mílíìkì kékeré tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n tó giráàmù 100 bó bá kún, ìyẹn nǹkan bíi kálórì 570. Ẹni tó bá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, tó ń sọ ọ́ sẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, á jẹ agolo kan tán kó tó parí lẹ́tà kan. Ohun tó yẹ kó jẹ ni ìdá mẹ́ta agolo, ẹ̀kúnwọ́ kan tí ọwọ́ lè dì. Nínú ọ́fíìsì wa, a máa ń pa owó pọ̀ ra ìgò ẹ̀pà. Ìgò kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì kílò, ènìyàn kan á fi jẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bó bá ń mú ẹ̀kúnwọ́ kan lọ́jọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kí n má bàa máa ti ọwọ́ bọ ìgò náà ṣáá, mo máa ń pín tèmi sínú ọ̀rá kéékèèké márùn-ún lọ́jọ́ Ajé, mo sì gbé ìgò náà fún ẹnìkan tí kì í jẹ ẹ̀pà kó bá mi pa á mọ́.

Ẹ yẹ ẹ̀pà wò kí ẹ tó rà á. Èyí tó rún, tó dúdú, tó ń korò lẹ́nu, tàbí tí nǹkan bíi àwọ̀ ewé hù sí lára, ẹ kó o dànù, ẹ má kàn yọ ọ́ kí ẹ máa jẹ ìyókù inú ọ̀rá náà. Èbu tó ń hù lára ẹ̀pà tí kò gbẹ dáadáa máa ń ṣe májèlé kan tí wọ́n ń pè ní àfílátọ́síìnì, tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, yíyan kì í sì pa á tán. Ó pọ̀ sí i nígbà òjò. Bí ẹ bá já a lẹ́nu tó korò, ẹ tu ú jáde.

Ẹyin bíbọ̀ ni mo kà sí olórí gbogbo wọn, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo lè jẹ ẹ́ láìsú. Ọmọ tó ń ru ẹyin kiri máa ń fi ata gígún àti iyọ̀ sí i. Ẹ gba ata, ẹ fi iyọ̀ sílẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá wà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tàbí ọsàn kan ló bá a mu. Nígbà àgbàdo, àgbàdo sísè kan pẹ̀lú àgbọn díẹ̀ náà dára púpọ̀. Àgbálùmọ̀ ní tirẹ̀ kì í yó èèyàn, ẹnu ló ń mú ṣe nǹkan, ìyẹn náà sì wúlò fún ẹni tó jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ló ń yún tí kì í ṣe ebi. Ní ti èso, gbogbo rẹ̀ lódidi ni kí ẹ rà, kí ẹ fọ̀ ọ́ fúnra yín. Ìbẹ́pẹ àti bàrà tí wọ́n gé sínú ọ̀rá láti òwúrọ̀, tí oòrùn ti ń pa, ni mi ò ní rà láéláé.

Àwọn kan á ní obì ló ń bá wọn ṣe é. Ìjẹ̀ṣà ni wá, obì kì í wọ́n wa. Lóòótọ́ ló ń lé ebi. Ṣùgbọ́n kaféènì inú rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe oúnjẹ. Ẹni tó jẹ ẹ́ ní aago mẹ́rin lè máa ka òrùlé ní aago méjìlá òru.

Bí ẹ bá gbé e wá látilé

Owó díẹ̀ ló ń ná, ẹ sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní Ọjọ́ Àìkú kan mo sè mọ́ínmọ́ín mẹ́wàá, mo kó o sínú fìrísà, mo ní ọ̀sẹ̀ yìí ti délé. Lọ́jọ́ Ajé mo mú ẹyọ kan jáde ní aago mẹ́fà àárọ̀ tó dì bí òkúta, mo jẹ ẹ́ ní aago mẹ́rin, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun iná kò wá, ti fìrísà ti yọ́ mọ́jú. Mo tún gbé ọ̀kan lọ. Nígbà tí mo ṣí ewé rẹ̀, ó ń yọ̀ lọ́wọ́, ó sì ń rùn bí ògì tó kan jù. Òun àti mẹ́jọ tó kù ni mo dà nù lọ́jọ́ yẹn.

Oúnjẹ sísè tó tutù, tó dúró nínú ooru wa ju wákàtí méjì lọ, kò láàbò mọ́. Láti aago méje àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ jẹ́ wákàtí mẹ́sàn-án. Nítorí náà bí ọ́fíìsì yín kò bá ní fíríìjì tí iná ń gbé ṣiṣẹ́ ní ti gidi, ẹ má gbé mọ́ínmọ́ín, ẹ̀wà tàbí ẹyin bíbọ̀ wá. Ohun tó lè jókòó sínú dúrọ́ọ̀ láìsí wàhálà ni ẹ̀pà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ọsàn, kùkúńbà àti ìgbá tí a kò tíì gé. Ìgbá méjì pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà, ó ń ṣe kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lẹ́nu bíi díndín, kò sì ju nǹkan bíi kálórì 220 lọ. Òun ni mo fi pààrọ̀ ìpékeré, mi ò sì ṣàárò rẹ̀ tó bí mo ṣe rò.

Ẹni tó ní ọmọ kéékèèké, tó ń jí ní aago márùn-ún láti múra wọn, kó má fi èyí di ara rẹ̀ lẹ́rù. Ọjọ́rú ló máa ń já lọ́wọ́ irú wọn, wọ́n á sì padà sí pọ́ọ̀fù pẹ̀lú ìbínú.

Àwọn tó gbọ́dọ̀ béèrè kí wọ́n tó yí padà

Ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, pàápàá abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì tàbí àwọn oògùn oníhóró tó ń fa ṣúgà wálẹ̀, kó má kàn dédé fo ìpápánu ìrọ̀lẹ́, torí ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀: gbígbọ̀n, òógùn tútù, ojú tó ń ṣú. Kó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀, yálà ní ilé ìwòsàn Wẹ́sílì níbí ni o tàbí níbòmíràn. Ẹni tí ẹ̀pà ń mú ara rẹ̀ yún tàbí tí ètè rẹ̀ ń wú kó gbàgbé ẹ̀pà pátápátá.

Ẹ̀gbọ́n wa ti ẹ̀ka ìṣirò owó kò yan ọ̀nà kan ṣoṣo. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú jẹ́ ti bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ jẹ́ ti ẹyin méjì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mínírà ló ṣòro jù fún wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń mu ìdajì ìgò kí wọ́n tó fi omi rọ́pò rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ṣì ń kọ orúkọ wọn sórí bébà: àkàrà mẹ́rin, ẹ̀kọ tútù kan. Oníbọ̀ọ̀lì ti mọ̀ wọ́n báyìí, ó máa ń ya èyí tí kò pọ́n sọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, a sì ní kó máa ya tèmi mọ́ ọn.